Ẹ bá mi ka ìdí lípísítíìkì yìí: àwọ̀ wo ni?

Bùsọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi fi fọ́tò lípísítíìkì kan ránṣẹ́, wọ́n ní irú rẹ̀ gan-an ni kí n rà fún àwọn, òmíràn kò gbọdọ̀ wọlé. Tíúbù dúdú ni, orí rẹ̀ rí bí ọta ìbọn. Lébẹ̀lì tó wà nídìí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá tán. Ohun tí mo rí kà níbẹ̀ ni MAC lókè, lẹ́tà méjì, IN, lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà DI tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti pa rẹ́. 3 g wà nísàlẹ̀, A64 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti wá A64 kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì títí, mi ò rí àwọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú mi, ó pọ́n, ó sì dúdú.

Ìyá Ìbejì: DIVA ni. DI tó wà níbẹ̀ yẹn ti sọ ọ́. Mo ní in nílé, ó pọ́n dúdú dáadáa. Rà á kí ọkàn màmá rẹ balẹ̀.

Kọ́lá: Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń dá ara yín láàmú? Ẹ wo báàkóòdù rẹ̀, ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní báàkóòdù tirẹ̀.

Bùsọ́lá: Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ara páálí ni báàkóòdù wà, màmá mi sì ti da páálí nù látọjọ́ yìí wá.

Àǹtí Ṣadé: Òótọ́ ni Kọ́lá sọ o, kò sí ohun tó dáa tó báàkóòdù bí páálí bá wà. Bí kò bá sí, ìdí tíúbù ló kù.

Bùsọ́lá, fi A64 sílẹ̀. Kì í ṣe àwọ̀, àmì ìgbà tí wọ́n ṣe é ni. Lẹ́tà iwájú jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, èyí tó tẹ̀ lé e ni oṣù, èyí tó kẹ́yìn ni nọ́ńbà tó parí ọdún. Nítorí náà, oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe tìrẹ, ní 2014 tàbí 2024, nítorí kóòdù náà máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọgọ́rọ̀ àwọ̀ ló lè ní A64 nídìí. Clinique àti Bobbi Brown náà ń lo irú kóòdù yìí, torí abẹ́ Estée Lauder ni gbogbo wọn wà. Ìdí nìyẹn tí wíwá rẹ̀ kò fi mú ọ débì kan.

IN yẹn ni kó o dì mú. Kí MAC tó kọ orúkọ àwọ̀, wọ́n máa ń kọ bí lípísítíìkì náà ṣe máa rí lára ètè: MATTE ni èyí tí kì í dán rárá, SATIN ni èyí tó ń dán díẹ̀. MATTE ni DIVA tí Ìyá Ìbejì ń sọ, MATTE kò sì ní IN nínú. SATIN ló ní in. Àwọn SATIN tó dúdú tí mo mọ̀ dáadáa ni CYBER, FILM NOIR àti MEDIA. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, MEDIA nìkan ni DI wà nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Àǹtí, bí IN yẹn bá jẹ́ àṣìkà ńkọ́? Lébẹ̀lì tó ti pá, ojú lè ṣini lọ́nà. Àwọ̀ DIVA àti MEDIA kò sì jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò.

Àǹtí Ṣadé: Ó ṣeé ṣe, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá ẹ̀rí kejì. Àárín lébẹ̀lì ni wọ́n máa ń to orúkọ sí. Bó bá jẹ́ DIVA, apá òsì àárín ni DI máa bọ́ sí. Bó bá jẹ́ MEDIA, DI á sún sí ọ̀tún. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tiyín fún wa.

Bùsọ́lá, ní kí màmá tún fọ́tò yà. Kí wọ́n pa fláàṣì, torí ṣe ló máa ń bo lébẹ̀lì tó ń dán. Kí wọ́n dojú ìdí tíúbù sókè, kí ẹlòmíràn di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lọ sílẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba orí lébẹ̀lì kọjá, kí wọ́n sì máa yí tíúbù díẹ̀díẹ̀. Ibi tí yíǹkì ti kúrò kì í dán bákan náà pẹ̀lú ibi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má fi ọtí tàbí aṣọ tútù nù ún o, ìyẹn á kó èyí tó kù lọ.

Kọ́lá: Àbí kí wọ́n kàn ya àwọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ká fi wé tinú ìkànnì?

Àǹtí Ṣadé: Kámẹ́rà fóònù máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀ láìbéèrè. Lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n, àwọ̀ tó fà sí àlùkò á wá fà sí búráùn. Bí wọ́n bá fẹ́ yà á, kí wọ́n fà á sórí bébà funfun lẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán, kí bébà náà hàn nínú fọ́tò ká lè rí bí funfun ṣe funfun tó. A lè fi ìyẹn já irọ́, a ò lè fi sọ orúkọ.

Rónkẹ́: Àǹtí Ṣadé, ẹ gba tèmi náà yẹ̀ wò. Páúdà Studio Fix ni tèmi, páànù nìkan ló kù, ike rẹ̀ ti fọ́, mo ti dà á nù. Mo rò pé NW45 ni, nítorí awọ mi yọ yẹ́lò, NW ni wọ́n sì ní ó wà fún yẹ́lò.

Àǹtí Ṣadé: Òdìkejì ni, Rónkẹ́. Ní MAC, NC ni ti ẹni tí awọ rẹ̀ ní yẹ́lò tàbí wúrà nísàlẹ̀, NW ni ti ẹni tí tirẹ̀ fà sí pupa. Ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń ṣe é lódì sí èyí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rà.

Ìdí ike ni orúkọ wà, ó sì ti lọ. Má fi ojú òkè páànù yẹn ṣe ìdíwọ̀n. Òróró ojú tí fóòmù ń kó bọ̀ á ti mú kó le, kó dán, kó sì ṣú. Lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ṣí i kúrò, tún un ṣe títí páúdà tó rọ̀ yóò fi jáde. Ìyẹn ni àwọ̀ rẹ̀ gangan.

Ìyá Ìbejì: Mo ti wo tèmi. MATTE ló wà lókè, apá òsì ni DI wà lóòótọ́.

Bùsọ́lá: Fọ́tò tuntun ti dé! Apá ọ̀tún ni DI wà. Ìlà mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ ti E hàn ṣáájú D, A sì lẹ̀ mọ́ I láìsí nǹkan kan láàárín wọn.

Àǹtí Ṣadé: MEDIA ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Kó o tó sanwó, rí i pé SATIN wà lára tuntun náà, torí wọ́n lè gbé orúkọ àwọ̀ kan sí irú mìíràn. Ní ti ọdún rẹ̀, kí màmá gbóòórùn rẹ̀. Fàńílà ló yẹ kó máa ta. Bó bá ń rùn bí òróró tó ti bàjẹ́, kí wọ́n jọ̀wọ́ má kùn ún mọ́, ì báà jẹ́ ti ọdún wo.

Bùsọ́lá: Ẹ ṣé gan-an, mà. Màá bi wọ́n.

Rónkẹ́: Mo ti fi sẹ́lótéèpù ṣí i. Ó mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ! Ó wà láàárín NC45 àti NC50 lójú mi, mi ò tíì lè mú ọ̀kan. Ta ló ní ọ̀kan nínú méjèèjì tó lè fa díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí bébà funfun fún mi?