Ọjọ́ tí gọ́ọ̀lù wa pọ̀ jù, síbẹ̀ a ò lọ

Ará Agége: Oṣù kẹwàá ọdún 2005, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni mo wà. À ń na Sìmbábúwè l'Ábújá, bọ̀ọ̀dá kan sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ gọ́ọ̀lù sára ògiri. Ó kọ ọ́ dé márùn-ún. Akwá wá gbá ẹyọ kan péré wọlé fún Àǹgólà ní Kìgálì, ilé bá pa rọ́rọ́. Pọ́ìntì 21 la ní, 21 làwọn náà ní. Ìyàtọ̀ gọ́ọ̀lù tiwa jẹ́ 14, tiwọn 6. Àmọ́ ìfojúkojú, ìyẹn èyí tí àwa méjèèjì jọ gbá, ni wọ́n kọ́kọ́ wò: Àǹgólà nà wá 1-0 ní Lùáńdà, a gbá ọ̀mì 1-1 ní Kánò. Báyìí ni Kọ́ọ̀pù Àgbáyé ṣe bọ́. Ta ni irú ẹ̀ tún ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ìyá Ìbejì: Kí ló dé tí wọn ò gbá pẹnáritì kí wọ́n mọ ẹni tó borí?

Ará Agége: Màmá, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà o.

Ọmọ Jóbọ̀: Tiwa ní Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 2011, nígbà tí à ń wá ọ̀nà dé Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, burú jùyẹn. A gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Sàró ní Nẹ́lspírútì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kàn ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lẹ́yìn ni, wọ́n rò pé ọ̀mì ti tó. Wọ́n tilẹ̀ jó lórí pápá. Nìjẹ́ẹ̀ ló padà lọ! Wọ́n rẹ́ wa jẹ ni. A na Nìjẹ́ẹ̀ 2-0, wọ́n nà wá 2-1. Ṣé kì í ṣe àwa la borí nínú ìfojúkojú ni?

Akọ̀wé Líìgì: Àbúrò, ká ní ẹ̀yin méjì péré ni, òótọ́ lo sọ. Mẹ́ta lẹ jẹ́. Sàró náà ní pọ́ìntì 9. Tí ó bá ti di mẹ́ta, wọ́n á yọ ẹni tó gbẹ́yìn kúrò, wọ́n á tún tábìlì kékeré tò láàárín ẹ̀yin yòókù. Íjíbítì ló gbẹ́yìn. Ẹ gba pọ́ìntì 4 lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹ̀ wọmi, ó ku 5. Sàró náà gba 4, ó ku 5. Nìjẹ́ẹ̀ gba 3 péré, nítorí Íjíbítì nà án 3-0 lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó ku 6. Ìyà tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà kò kàn án mọ́.

Ọmọ Jóbọ̀: Háà! Ìyàtọ̀ gọ́ọ̀lù tiwa lé 2, tiwọn dín 2 o.

Akọ̀wé Líìgì: Wọn ò dé ibẹ̀ rárá.

Kóòṣì Àdúgbò: Èmi ni mo kọ òfin líìgì àdúgbò wa. “Ìfojúkojú” nìkan ni mo kọ. Ẹgbẹ́ mẹ́ta bá dọ́gba. A fi tábìlì kékeré yọ ẹnì kan kúrò nísàlẹ̀, ó ku méjì. Ọ̀kan ní ká tún wo èyí tí àwọn méjèèjì jọ gbá nìkan, èkejì ní ká máa bá tábìlì kékeré náà lọ, ká wo gọ́ọ̀lù ibẹ̀. Orúkọ tó jáde yàtọ̀ síra. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, èwo ni ká tẹ̀ lé?

Akọ̀wé Líìgì: Ohun tí ìdíje kọ sílẹ̀ ni. Àwọn kan máa ń padà sí méjì, àwọn kan kì í padà.

Kóòṣì Àdúgbò: A ò kọ ọ́ rárá. Ife-ẹ̀yẹ náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.