Ìwé ìdágbére Màmá: èwo nínú méjèèjì ló tọkàn wá?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa kú, ìsìnkú ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, atẹ̀wé sì ti ń pè mí pé kí n mú ọ̀rọ̀ ìdágbére wá. Èmi kọ ọ̀kan, àbúrò mi obìnrin kọ ọ̀kan. Àbúrò bàbá wa ní tèmi ló níyì, pé tàbúrò mi ń tú àṣírí òṣì síta. Ẹ bá mi wò ó, èwo ló tọkàn wá jù, èwo ló sì sojú abẹ níkòó jù?

Tèmi rèé: "Ìyá wa jẹ́ abiyamọ tòótọ́, onínúure, olùfọkànsìn àti àwòkọ́ṣe rere. Ọ̀rọ̀ kò tó láti ṣàpèjúwe irú ìfẹ́ tó ní sí wa. Gbogbo ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ló fọwọ́ kan ìgbésí ayé wọn. Ikú rẹ̀ dá àlàfo sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dí láéláé."

Tàbúrò mi: "Púpurù ni Màmá tà tó fi rán àwa mẹ́rin níléèwé. Lọ́dún tí mo kọ Wáẹ̀kì, owó ìdánwò ò pé. Màmá ta àgbá tó fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún aládùúgbò, kò sì sọ fún mi. Ìgbà tí mo ti sukúù dé tí mo rí i pé ojú ibi tí àgbá máa ń wà ti gbẹ ni mo mọ̀. Mi ò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, oúnjẹ ni mo bèèrè. Irú ìfẹ́ àtọkànwá báyìí ṣọ̀wọ́n."

Tíṣà Odòjọmu: Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Ọlọ́run á tẹ́ Màmá sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọwọ́ kan tiyín torí ẹ̀yin lẹ bèèrè. Ẹ yọ Màmá kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi ìyàwó bíríkìlà kan ní Ọ̀bá-Ilé tẹ́ ò rí rí sí i, ẹ tún un kà. Ṣé nǹkan kan yí padà? Kò yí. Ó bá gbogbo ìyá mu, ìyẹn ni pé ẹni tó kọ ọ́ ò tíì sọ nǹkan kan nípa ìyá tiẹ̀. Ẹ wá gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú tàbúrò yín, àgbá yẹn á há yín lọ́fun.

Nǹkan kejì, gírámà ni o. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ tiyín, "jẹ́" àti "kò tó" ló gbé e, ipò ni wọ́n ń sọ; "fọwọ́ kan" àti "dá àlàfo" tó tẹ̀ lé e náà, kò sí ọjọ́ kan tí nǹkan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Tàbúrò yín: ta, dé, rí, bèèrè. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń sọ. Ẹ fi "máa ń" sí i kẹ́ ẹ wò ó, "Màmá máa ń ta nǹkan ẹ̀ torí wa", ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé nìyẹn. "Máa ń" kan péré tó ní, ara àgbá ló fi í sí, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ó yẹ ká mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni àgbá wà níbẹ̀ kí òfìfo ẹ̀ tó lè dùn wá.

Ẹ dákun, "fọwọ́ kan ìgbésí ayé" àti "àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò lè dí", èdè òyìnbó lẹ fi rò ó kẹ́ ẹ tó fi Yorùbá wọ̀ ọ́. Ta ló ń sunkún nílé wa tó ń pariwo àlàfo?

Dẹ̀rẹ́bà Ìlẹ́ṣà Gáréèjì: Mo gbà fún Tíṣà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àbúrò wọn fi kún un dáadáa, torí ọ̀rọ̀ tó bá ní pàtó ló jóòótọ́. Kó kọ ọdún, kó kọ iye tí wọ́n ta àgbá, kó kọ àwọ̀ ẹ̀. "Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, àgbá aláwọ̀ búlúù tó ń gba 200 lítà", ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé kò purọ́.

Tíṣà Odòjọmu: Ẹ̀gbọ́n, tọ́lọ́pàá ló ń kọ irú ìyẹn sílẹ̀. Ìlàjì ọ̀rọ̀ yín ló tọ̀nà o. Pàtó dáa, àmọ́ pàtó tani? Ọmọ tó ti sukúù dé tébi ń pa, ṣé yóò wo aago? Ṣé lítà ló máa kà? Ibi tó gbẹ ló rí, torí ilẹ̀ abẹ́ àgbá ẹ̀gẹ́ kì í gbẹ, omi ẹ̀gẹ́ ń ta sí i lójoojúmọ́, àwọn tó ń se púpurù mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ á wà nínú omi tó ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó rọ̀ tí wọ́n á fi fún un, tí wọ́n á sì mọ ọ́n róbótó sórí iná. Nǹkan tójú ẹ̀ rí ló kọ. Tó bá kọ iye tí wọ́n ta àgbá, a jẹ́ pé ó lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì nìyẹn, òǹkàwé á sì fura. Irọ́ náà ń gbé aago àti náírà o, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníwàyó.

Èyí tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ jù ni "mi ò dúpẹ́, oúnjẹ ni mo bèèrè". Kò sí èrè kankan fún un nínú ìyẹn. Ara ẹ̀ ló ń bú. Ẹni tó ń ṣe àṣehàn ò ní kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Hẹn ẹn! Bí baálé mi ṣe ṣe mí nìyẹn. Ó fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé "ìyàwó mi, jọ̀ọ́ dárí gbogbo nǹkan tí mo ṣe jì mí", mo ní gbogbo kíni? Mi ò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì ó wá kọ ọ́ pé "má bínú pé mo fowó sukúù àwọn ìbejì ra táyà, tí mo sì ní ọ̀gá ò tíì sanwó." Inú bí mi ju tàkọ́kọ́ lọ o, mo sọ fóònù lu ògiri, àmọ́ èyí ni mo dárí ẹ̀ jì í. Inú "gbogbo" yẹn ló ń fara pamọ́ sí.

Bàbá Ìjàpó: Èmi ò bá yín lọ. Ẹ ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo èèyàn mu ò lè tọkàn wá. Ìgbà tí ìyá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dì mọ́ pósí, ó ní "ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o bá wọn jẹ." Ta ni ò mọ gbólóhùn yẹn? Kò sí nǹkan pàtó kankan nípa ìyá mi níbẹ̀. Ṣé kẹ́nì kan wá sọ fún mi pé irọ́ ló ń pa? Oríkì orílẹ̀ ńkọ́, gbogbo ìdílé ló ni ín, wọ́n sì ń fi í sunkún.

Tíṣà Odòjọmu: Bàbá, ẹ mú mi níbẹ̀. Òótọ́ ni, nǹkan méjì ni. Ọ̀rọ̀ lè tọkàn wá kó má ní pàtó. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín, ohùn ẹ̀ wà níbẹ̀, omijé ẹ̀ wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ wà lára pósí, ìyẹn ló ń jẹ́rìí fún gbólóhùn yẹn. Lórí bébà, ohùn ti lọ. Ọ̀rọ̀ ló kù tó máa jẹ́rìí fún ara ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ "ó di gbéré" sórí bébà, mo ṣì gbà á ju "àlàfo" lọ.

Bàbá Ìjàpó: Ìyẹn dáa díẹ̀. Mi ò tíì gbà tán.

Tíṣà Odòjọmu: Ẹ jẹ́ ká mú ti ọ̀rọ̀ gan-an wá. Ẹni tó bèèrè ní "sojú abẹ níkòó". Ìyẹn kọ́ là ń wá. Ẹni tó sojú abẹ níkòó, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ ni, ó sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Tí mo bá ní "ìyá yín ahun ni", mo ti sojú abẹ níkòó, mi ò sì tíì sọ ọjọ́ kan tó ṣahun. "Pàtó" náà, ó lè jẹ́ iye, ó lè jẹ́ aago, bí Dẹ̀rẹ́bà ṣe gbé e. Mo dábàá "ìṣojú". A ń sọ pé ìṣojú mi ló ṣe. Ọ̀rọ̀ ìṣojú, ọ̀rọ̀ tẹ́ni tó ń sọ ọ́ wà níbẹ̀.

Dẹ̀rẹ́bà Ìlẹ́ṣà Gáréèjì: Àwọn èèyàn á rò pé aṣojú-ṣòfin lẹ ń sọ.

Ìyá Ìbejì: Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ o. "Ọ̀rọ̀ ojú-mi-ló-ṣe" ńkọ́?

Bàbá Ìjàpó: Ìyẹn gùn bí orúkọ àbíkú. Ẹ fi í sílẹ̀ ní pàtó.

Tíṣà Odòjọmu: "Àtọkànwá" gan-an, mo fẹ́ kí àbúrò wọn yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. A ti rí ìfẹ́ náà, kò yẹ kó tún máa so orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ọkàn ẹni tó kọ̀wé ò sí níwájú wa, ẹni tó bá ń sọ fún wa pé ó ti ọkàn wá, ńṣe ló ń bẹ̀ wá. Gbólóhùn àkọ́kọ́ náà, ó lè dúró, torí ọ̀rọ̀ owó Wáẹ̀kì tó tẹ̀ lé e nílò ẹ̀. Ní ti òṣì tí àbúrò bàbá wọn ń sọ, mi ò lè dájọ́ ìyẹn, ẹbí ló ni ojú ẹ̀.

Ẹni tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ka méjèèjì fún àbúrò bàbá wa lálẹ́ àná. Tèmi, ó ń mi orí. Nígbà tí mo dé ti àgbá, ó dá mi dúró, ó ní irọ́ ni. Ọkàn mi já. Ó ní kì í ṣe aládùúgbò ló ra àgbá o, obìnrin ará Ìdànrè kan ni, òun lòun bá a gbé e dé ibi mọ́tò, Màmá sì ní kóun má sọ fáwọn ọmọ. Ó wá dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní ká tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ká tún ibẹ̀ ṣe.

Tíṣà Odòjọmu: Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó lè sọ pé "onínúure" tiyín, irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa ta kò ó rárá. Àmọ́ ẹ má kọ ará Ìdànrè sí i o, àbúrò yín ò rí i.

Ẹni tó bèèrè: Òun náà wí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ ẹni tó rà á, òun kàn rò pé aládùúgbò ni. Èyí tí mo gbé lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé láàárọ̀ yìí rèé: "Púpurù ni Màmá tà tó fi rán àwa mẹ́rin níléèwé. Lọ́dún tí mo kọ Wáẹ̀kì, owó ìdánwò ò pé. Màmá ta àgbá tó fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, kò sì sọ fún mi. Ìgbà tí mo ti sukúù dé tí mo rí i pé ojú ibi tí àgbá máa ń wà ti gbẹ ni mo mọ̀. Mi ò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, oúnjẹ ni mo bèèrè."

Bàbá Ìjàpó: Ẹ fi "ó di gbéré" sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.