Ẹ gbà mí: sítíkà owó lára fọ́tò ìkòkò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòkò amọ̀ láti Dada, nílùú Ìlọrin níbí, ni mo yà ní fọ́tò. Ẹni tó ń tà á ti lẹ sítíkà owó mọ́ ikùn rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di òjìji. Wọ́n sì ti ta ìkòkò náà, n ò lè tún un yà.

Nínú GIMP, mo fi `Clone` bò ó, àmọ́ ojú ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, ìlà tó yí ìkòkò ká sì gé. `Heal` ń fa funfun etí sítíkà wọlé.

Ṣé kí n kọ́kọ́ kun ìmọ́lẹ̀ àti òjìji sórí léyà tuntun, kí n tó dá hóró-hóró amọ̀ padà? Ìlà yẹn ńkọ́, ṣé `Warp Transform` ni mo fi máa tẹ̀ ẹ́ kó bá ikùn lọ?