Ìbéèrè onítàn nínú òfin àdéhùn: báwo lẹ ṣe ń parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 45?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdánwò òfin àdéhùn wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wákàtí 3 ni, ìbéèrè 4 la ó dáhùn, ìyẹn ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìlànà áírákì lórí: ọ̀ràn, òfin, ìlò òfin, ìpinnu. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé aago síwájú, ìdí òfin ni àkókò máa ń tán mọ́ mi lọ́wọ́. Màá ti kọ ojú ewé méjì nípa àbá àti ìtẹ́wọ́gbà, mi ò sì tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà.

Èyí tí mo fi ń dánra wò nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, Táyé kọ lẹ́tà sí Kẹ́hìndé pé òun fẹ́ ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun fún un, ó dá iye, ó sì ní òun máa dì í mú de Kẹ́hìndé títí di Àbámẹ́ta. Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ yẹn gan-an Kẹ́hìndé fi lẹ́tà béèrè pé, "Ṣé mo lè san owó náà lẹ́ẹ̀mejì?" Táyé ò dáhùn. Lọ́jọ́rú, ó ta ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn, ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Kẹ́hìndé pé òun ò tà á fún un mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, Kẹ́hìndé ju lẹ́tà sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ pé òun gbà, òun á san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́bọ̀ kan náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé òun rí ẹ̀rọ Táyé ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Lẹ́tà Táyé dé lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́tà Kẹ́hìndé sọnù sọ́nà, kò dé ọ̀dọ̀ Táyé rárá. Wọ́n ní ká gba Kẹ́hìndé nímọ̀ràn.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa pín ìṣẹ́jú 45 yìí?

Lọ́yà Lọ́la

Èyí ò le. Áírákì kan ṣoṣo ni kó o kọ. Kó gbogbo ọ̀ràn jọ sókè, kó gbogbo òfin sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ìlò, lẹ́yìn náà ìpinnu. Ìṣẹ́jú 10 fún ìkọ̀ọ̀kan, 5 tó kù fún àtúnkà. Ní ti Táyé, ó ti ju lẹ́tà tiẹ̀ sí pósítì lọ́jọ́rú, Kẹ́hìndé sì ju tiẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ju lẹ́tà ló ń múlẹ̀. Táyé ló ṣáájú. Kò sí àdéhùn. Ó parí.

Ìyá Oníṣòwò

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi lára mu o. Ẹnìkan ṣèlérí pé òun máa di ṣọ́ọ̀bù kan mú fún mi di ìparí oṣù, kí oṣù tó parí ó ti gbé e fún ẹlòmíràn. Mi ò tíì san kọ́bọ̀. Ṣé mo lè pè é lẹ́jọ́?

Amòfin Àgbà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Èyí tí mo fẹ́ sọ á kan ọ̀rọ̀ yín náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ yìí.

Lọ́yà Lọ́la gba apá kan, ó ṣi apá kejì. Òótọ́ ni pé lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà máa ń múlẹ̀ bí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́. Ẹjọ́ Adams àti Lindsell ti ọdún 1818 nìyẹn. Àmọ́ ìtẹ́wọ́gbà nìkan ni. Lẹ́tà tí èèyàn fi ń fa àbá rẹ̀ sẹ́yìn kò lágbára kankan títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Nínú Byrne àti Van Tienhoven, 1880, àwọn olùtà fi lẹ́tà ìfàsẹ́yìn ránṣẹ́ láti Cardiff ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Àbá wọn dé New York ní ọjọ́ 11, àwọn olùrà sì fi wáyà tẹ́wọ́ gbà á lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ 20 ni lẹ́tà ìfàsẹ́yìn tó dé. Ilé ẹjọ́ ní àdéhùn ti wà. Nítorí náà, lẹ́tà tí Táyé kọ lọ́jọ́rú ò ṣe nǹkankan títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ní ti ọ̀nà ìkọ̀wé, bí o bá kọ áírákì kan ṣoṣo, òfin márùn-ún ni wàá tò sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan ìtàn. Ohun tó ń jẹ àkókò rẹ gan-an nìyẹn. Kọ áírákì kéékèèké, ọ̀kan fún ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, kó o sì rántí pé wọn kì í wúwo bákan náà.

Ìṣẹ́jú 7 àkọ́kọ́, má kọ ìdáhùn. Fa ìlà kan, kọ ọjọ́ inú ìtàn sórí rẹ̀ láti Ajé dé Ẹtì, kó o fi ohun tí kálukú ṣe sábẹ́ ọjọ́ rẹ̀. Wàá rí ọ̀ràn níbi tí ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu ẹnìkan, tàbí tó ti dé etí ẹlòmíràn. Lẹ́tà ọjọ́ Ajé: ó dárúkọ ọjà, ó dárúkọ iye, ẹnìkan ló kọ ọ́ sí, àbá ni, gbólóhùn méjì ti tó. Ìlérí dídìmú di Àbámẹ́ta: kò dè é, nítorí Kẹ́hìndé ò fún un ní nǹkankan dípò rẹ̀, Routledge àti Grant, 1828, gbólóhùn kan. (Ìyá, ibi tí ọ̀rọ̀ yín bọ́ sí nìyí. Ìlérí lásán tí ẹ ò san nǹkan fún ṣòroó fi pe èèyàn lẹ́jọ́. Ẹ rí agbẹjọ́rò kó yẹ ìwé yín wò tí ìwé bá wà.) Ìṣẹ́jú 4 ti tó fún méjèèjì yìí.

Ibi tí máàkì wà ni ìbéèrè ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 12. Lẹ́tà tó sọnù, ìṣẹ́jú 6: Táyé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lo pósítì, nítorí náà ó bọ́gbọ́n mu kí Kẹ́hìndé fi pósítì dáhùn, sísọnù lẹ́tà náà ò sì ba ìtẹ́wọ́gbà jẹ́, Household Fire àti Grant, 1879. Ìṣẹ́jú 4 ìkẹyìn ni ìpinnu gbogbogbò.

Gbìyànjú ọ̀ràn ọjọ́ Ìṣẹ́gun kó o gbé e wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ó rèé:

"Ọ̀ràn ni bóyá lẹ́tà ọjọ́ Ìṣẹ́gun pa àbá Táyé. Ẹni tó bá fi iye tàbí ìlànà mìíràn dáhùn ti kọ àbá àkọ́kọ́, Hyde àti Wrench, 1840. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn béèrè àlàyé kò kọ̀ ọ́, Stevenson àti McLean, 1880. Kẹ́hìndé kàn béèrè àlàyé ni, nítorí náà ó dà bíi Stevenson. Àbá náà ṣì wà."

Amòfin Àgbà

Ọ̀ràn dára, òfin dára, wọn ò sì gùn. Ìlò òfin ni kò sí níbẹ̀. "Kàn béèrè àlàyé" kì í ṣe ìlò, ìpinnu ló wọ aṣọ ìlò. Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nìyí: fọwọ́ bo orúkọ inú gbólóhùn náà. Bí ó bá bá ìbéèrè mìíràn mu láìyí nǹkankan padà, o ò tíì lo òfin.

Padà sínú ọ̀rọ̀ tí Kẹ́hìndé kọ. Ó ní "Ṣé mo lè". Kò ní "màá rà á bí o bá gbà". Iye tí Táyé dá, kò dín in. Nínú Hyde, oko tí wọ́n dá lé 1,000 pọ́n-ùn ni olùrà náà na 950 fún. Iye gan-an ló yí padà. Nínú Stevenson, olùrà irin béèrè bóyá olùtà á gbà kí wọ́n máa kó irin náà wá láàárín oṣù méjì. Tẹ̀lé e, kọ ohun tí Táyé máa sọ: pé sísan lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, owó òun á pẹ́ kó tó pé, nítorí náà àbá tuntun ni. Lẹ́yìn ìgbà náà ni kó o wá sọ ẹni tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, àti ìdí rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́fà tàbí méje ni gbogbo rẹ̀, ìṣẹ́jú 12 sì gbà á.

Ìtàn Hyde àti ti Stevenson tí mo sọ yẹn, ibi ìlò ni wọ́n wà, kì í ṣe ibi òfin. Bí o ò bá ní fi ìtàn ẹjọ́ wé ti Kẹ́hìndé, má sọ ọ́ rárá. Orúkọ ẹjọ́ ti tó.

Ní ti ọ̀rẹ́ lọ́jọ́bọ̀, ìbéèrè yìí mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ lórí aago ni. Ọ̀pọ̀ máa fọwọ́ ara wọn fi aago sí i, wọ́n á sì pàdánù máàkì. Kọ ọ̀nà méjèèjì. Bí Kẹ́hìndé bá ti ju lẹ́tà rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ tó sọ̀rọ̀, àdéhùn ti wà. Bí ó bá ti gbọ́ kó tó jù ú, Dickinson àti Dodds, 1876, á dá a dúró, nítorí ó ti mọ̀ pé Táyé ò tà á fún un mọ́. Ìpinnu rẹ á jẹ́ onípò: Kẹ́hìndé lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ Táyé, bí ó bá jẹ́ pé ó ju lẹ́tà rẹ̀ kó tó gbọ́. Má bẹ̀rù "bí ó bá jẹ́ pé". Èmi tí mo ti máàkì irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìdájọ́ gbàm tí kò ní ìdí lọ.

Ọmọ Ilé Ìwé Àná

Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní ká fi ìpinnu ṣíwájú nínú ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan, ká tó wá ṣàlàyé. Wọ́n ní bí àkókò bá tán, ẹni tó ń máàkì ti mọ ibi tó ò ń lọ.

Amòfin Àgbà

Ó wà bẹ́ẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ẹni tó ti sọ ìpinnu kì í fẹ́ fún Táyé láyè láti fèsì mọ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ rẹ bá ní bẹ́ẹ̀, olùkọ́ rẹ ni kó o tẹ̀ lé.

Lọ́yà Lọ́la

Mo gbà ní ti Byrne. Àmọ́ mo ní ìbéèrè kan. Nínú Dickinson, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá, aṣojú olùrà fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ Kẹ́hìndé ńkọ́? Ẹ̀rọ ló rí ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, kò ní òun rí i pé wọ́n tà á. Ó lè jẹ́ pé Táyé kàn gbé e lọ fún àtúnṣe.

Amòfin Àgbà

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó yẹ kí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá jẹ́ ẹni tó ṣeé gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ààlà wà ò hàn kedere, àwọn amòfin ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èmi rò pé rírí ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ò tó. Àwọn mìíràn á ní ó tó, pàápàá bí ọ̀rẹ́ náà bá mọ Táyé dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́, fi gbólóhùn méjì lé e nínú ìṣẹ́jú 12 ọ̀ràn náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì

Mo ti rí i, sà. Mò ń gbé aago ka ìṣẹ́jú 12 lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yẹn báyìí, màá gbé e wá tí mo bá parí. Lọ́yà Lọ́la, ẹ bá mi fọwọ́ bo orúkọ inú rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.