Ìkéde sẹ́mínà ọ̀dọ́ ní mọ́ṣáláṣí: ẹ mú ìrírí yín wá

Akọ̀wé Ọ̀dọ́, Kúbúwà: Àsàláámù àlékùm, ẹ̀yin ènìyàn wa. A ń múra sẹ́mínà ọlọ́jọ́ méjì fún àwọn ọ̀dọ́ l'Ábújá níbí, Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìgbà wo gan-an ni ká kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí la sì máa sọ?

Ọmọ Lúgbẹ: Ẹ kà á kí lẹ́mọ́ọ̀mù tó gun mìńbárì. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nígbà kútúbà.

Bàbá Mùdárísù: Òótọ́ ni ti kútúbà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n lásìkò tó o wí yẹn, àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Wúsè ò tíì dé, àwọn òbí tí ẹ ń wá sì wà lára wọn. Lẹ́yìn sálámà ló dáa. Kí lẹ́mọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ mú ẹ̀rọ agbóhùnsókè kíákíá, torí bí ẹlòmíì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde bọ̀ wá gbà á, àwọn èèyàn á ti máa wá bàtà wọn. Kó má kọjá ìṣẹ́jú kan. Jímọ̀ mẹ́ta léra wọn, kí ẹ̀kẹta bọ́ sí èyí tí sẹ́mínà ku ọ̀la. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀yin òbí wa, a fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ yọ̀ǹda àwọn ọmọ yín, ẹni ọdún 15 sí 30, fún sẹ́mínà lórí iṣẹ́ òòjọ́ àti ìgbéyàwó. Sátidé àti Sọ́ńdè, ọjọ́ báyìí oṣù báyìí ni, láago 10 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. A ò gba owó, oúnjẹ ọ̀sán wà, àwọn obìnrin sì ní ibi ìjókòó tiwọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin gan-an là ń retí."

Ẹ má fi àsìkò ìrun dípò aago. Mọ́ṣáláṣí kan á ti kírun tán, òmíràn ò tíì pèrun, ẹlòmíì á sì dé nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ti parí.

Ìyá Kúbúwà: Ẹ ṣeun, Bàbá. Aago tí yóò parí yẹn ni òbí ọmọbìnrin máa ń kọ́kọ́ bi. Ohùn ẹ̀rọ kì í sì í já gaara sí ẹ̀yìn níbi tí àwa obìnrin jókòó sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé, kẹ́ ẹ pín in lẹ́nu ọ̀nà tiwa.

Ará Nyányà: Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ọ̀dọ́ kan ló ń kà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń fetí sí i. Àmọ́ aago 10 lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣé ìsìn ò ní dí i lọ́wọ́?

Bàbá Mùdárísù: Mọ́ṣáláṣí là ń wí, ará wa. Síbẹ̀ o ran mi létí ohun kan: àsàlátù! Àárọ̀ Sọ́ńdè ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àsàlátù ń pàdé. Akọ̀wé, ẹ bi wọ́n ní aago tí wọ́n ń túká, kẹ́ ẹ tó tẹ ìwé.

Ọmọ Lúgbẹ: Èdè wo lẹ máa fi kéde? Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síbí, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ló yá wọn lẹ́nu.

Ìyá Kúbúwà: Yorùbá fún òbí, kẹ́ ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì tún ọjọ́ àti aago wí.

Ọmọ Lúgbẹ: Haúsá ńkọ́, Mà?

Akọ̀wé Ọ̀dọ́, Kúbúwà: Ìṣẹ́jú kan ò ní gba èdè mẹ́ta. Mo máa bi lẹ́mọ́ọ̀mù. Ti àsàlátù ni mo ń lọ bi báyìí.