Ẹ bá mi ṣírò owó tí mo tì mọ́ báńkì

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi o. Oṣù Kejìlá 2020 ni mo ti mílíọ̀nù méjì náírà mọ́ báńkì, owó ilẹ̀ bàbá mi tí a tà. Àbúrò ọkọ mi ní kí n fi ra ìrẹsì pamọ́, mo ní ṣé kòkòrò ni kí n máa bọ́ ni? Oṣù tó kọjá, ní ìparí 2024, ó pé ọdún mẹ́rin. Mílíọ̀nù méjì náà ni mo bá níbẹ̀! Àpò ìrẹsì tí mò ń rà ní 27,000 nígbà yẹn ti di 100,000. Àbúrò ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ilé. Èló ni mo pàdánù gan-an?

Ọláwálé: Kò le, mà. Àjọ Ìṣirò ní ọjà fi ìdá 15.63 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i ní 2021, 21.34 ní 2022, 28.92 ní 2023, 34.80 ní 2024. Ẹ rò ó pọ̀, ó lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kẹ́ ẹ ní mílíọ̀nù mẹ́rin.

Ìyá Sọ́ọ̀bù: Èmi ra dọ́là ní tèmi. Olè gbé e nínú àpótí.

Bàbá Akáńtì: Ọláwálé, a kì í rò ó pọ̀. Orí iye tí ọjà ti dà ní 2021 ni ọ̀wọ́n 2022 gùn. Ṣe ni ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po:

```
1.1563 × 1.2134 × 1.2892 × 1.3480 = 2.438
```

Ẹrù tí mílíọ̀nù méjì rà ní 2020 ń gba bíi 4,877,000 báyìí. Mílíọ̀nù méjì òní ò ju 820,000 ìgbà yẹn lọ. Ìyá, èlé wá dà?

Ìyá Ìbejì: Ìdá méje ni. 126,000 ló ń wọlé lọ́dọọdún, mo fi ń san owó ilé ìwé àwọn ìbejì. Ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Bọ́sẹ̀: Ẹ̀yin ìyá yìí! Láàárọ̀ kùtù la ti ń bá yín káàánú!

Bàbá Akáńtì: Ó kàn án dáadáa. 140,000 ni èlé, wọ́n yọ owó orí 14,000. Ti ọdún àkọ́kọ́ tó 109,000 owó 2020, ti ọdún kẹrin ò ju 52,000 lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 320,000. Ẹ fi kún 820,000, ó di 1,140,000. Bíi 860,000 lẹ pàdánù. Ká ní ẹ fi èlé sílẹ̀ kó máa gùn ún ni, ẹ ó bá 2,554,000 níbẹ̀, àmọ́ 1,047,000 péré ni ìyẹn.

Ọláwálé: Ṣé ká máa ná èlé nìyẹn, sà?

Bàbá Akáńtì: Nígbà tí èlé bá kéré sí ọ̀wọ́n ọjà ni. Ìṣirò yìí sì wà fún gbogbo ọjà lápapọ̀. Tó bá jẹ́ ìrẹsì nìkan ni, àpò 74 ti di 20.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ti àpò ìrẹsì yẹn rẹ́, àbúrò ọkọ mi wà níbí. Mo tún ti tì í fún ọdún kan lánàá. Ìdá mẹ́sàn-án.

Bọ́sẹ̀: Lánàá kẹ̀?