«Nọ́ńbà aláfòó» àti kọ́bọ̀ tó ń ṣìnà

Atúmọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ ìwé ìlànà prógíráàmù owó. Nọ́ńbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «floating-point», tí àmì dẹ́símà rẹ̀ ń sún kiri, tó ń jẹ́ kí àròpọ̀ ṣìnà ní kọ́bọ̀, mo pè é ní «nọ́ńbà aláfòó». Owó tí a bá kọ ní odindi kọ́bọ̀ ńkọ́, kí ni ká pè é?

Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn: Aláfòó kẹ̀! Aláṣọ ní aṣọ, alágbára ní agbára. Àfòó wo ni ti yín ní? Léfòó ni igbá ń ṣe lórí omi. Ẹ fi a- síwájú rẹ̀ bíi ti apẹja: aléfòó. Ìyá mi àgbà ì bá gbọ́ aláfòó, á ní àlàfo ibo nìyẹn.

Akódù, Èkó: Mà, aléfòó tọ̀nà, ṣùgbọ́n sísún tí àmì ń sún kọ́ ló ń jẹ kọ́bọ̀. Méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà ń pín nǹkan. Àbọ̀ náírà wọ ibẹ̀ geere. Ìdá mẹ́wàá kò lópin níbẹ̀, bí ìdá mẹ́ta kò ṣe lópin lọ́wọ́ wa, ló bá gé e síbì kan.

```
>>> 0.1 + 0.2
0.30000000000000004
>>> int(19.99 * 100)
1998
```

Ìlà kejì ló dùn mí jù. A ti ní odindi kọ́bọ̀ la ó máa tọ́jú, síbẹ̀ oníbàárà san ₦19.99, ìwé wa kọ 1998. 1998.9999999999998 ni ìlọ́po yẹn bí, `int` sì gé ìrù rẹ̀ dànù. Ní báyìí, bí wọ́n bá ti tẹ 19.99, bí ọ̀rọ̀ la ń kà á: náírà lọ́tọ̀, kọ́bọ̀ lọ́tọ̀. Kì í di dẹ́símà rárá. Nọ́ńbà tó ń ṣìnà yẹn, «oníméjì» ni kí ẹ pè é.

Ẹ̀gbọ́n, Abẹ́òkúta: Ẹ ṣáà pa á dé ojú méjì lẹ́yìn àmì dẹ́símà níbi tí ẹ ti ń fi han oníbàárà, ó parí. Àṣé òun ló ń yọ owó mi ní báńkì lóṣooṣù!

Akódù: Ẹ̀gbọ́n, owó iṣẹ́ báńkì nìyẹn. Pípa á dé ojú méjì ń bo ojú egbò ni. Bi kọ̀ǹpútà bóyá 0.1 + 0.2 bá 0.3 dọ́gba, á ní rárá. Gbèsè tí wọ́n san tán á ṣì máa jẹ́ gbèsè.

Ará Àjàṣẹ́: Ẹ má fi kọ́bọ̀ sórúkọ náà o. Fáráǹkì sẹ́fà tiwa kò ní wẹ́wẹ́ tí a ń ná. 5000 ni 5000. Ẹni tó bá fi 100 lọ́pò rẹ̀ á gba 500000 lọ́wọ́ oníbàárà. Owó kọ̀ọ̀kan ló ní iye wẹ́wẹ́ tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn. «Owó wẹ́wẹ́» ni mo fọwọ́ sí.

Ìyá Olùkọ́: Ṣẹ́ńjì lọlọ́jà ń pè ní owó wẹ́wẹ́. Èérún ni ẹ̀yà tó kéré jù. Àti «oníméjì» yẹn, méjì kí ni ó ní?

Akódù: Mà, ₦100 fún ẹni mẹ́ta: 3333 kọ́bọ̀ lọ́nà mẹ́ta, 1 kù. Àwa fún ẹni àkọ́kọ́. Ṣé ìyẹn náà ni èérún?

Ìyá Olùkọ́: Àjẹkù nìyẹn. Ta ló sọ pé ẹni àkọ́kọ́ ni kó gbà á?